Ìdáhùn sí Ìbéèrè Kejì

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n fún mi ní kúẹ́rì. Akọ̀wé ọ̀gá òṣìṣẹ́ ló mú un wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá òtútù. Ó ní kí n buwọ́ lù ú pé mo gbà á, kí n sì kọ aago sí i. Mo kọ aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fún igbákejì mi náà ní tirẹ̀. Òun náà buwọ́ lù ú. A kò wo ojú ara wa.

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣọ́ yàrá òtútù. Abẹ́rẹ́ àjẹsára àwọn ọmọdé ni a ń kó sínú rẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa ni àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ti ń wá gbà á. Bàbá Fíríìjì ni wọ́n ń pè mí nínú ọgbà wa, èmi náà sì ń jẹ́. Oṣù mẹ́rin ló kù kí n fẹ̀yìntì. Bí wọ́n bá lé mi kí oṣù mẹ́rin yẹn tó pé, ẹni tí wọ́n lé ni wọn yóò máa pè mí títí tí mo fi máa kú. Kò sí ẹni tí yóò rántí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Nọ́ọ̀sì kan dá páálí abẹ́rẹ́ kan padà ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun méjì sẹ́yìn. Ó ní nǹkan funfun wẹ́wẹ́ ń léfòó nínú àwọn ìgò náà, bí ìyẹ̀fun tí kò yòrò. Apòògùn wa, obìnrin tí kì í rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́, gbà á. Ó mú ìgò kan tí ó mọ̀ pé ó dára, ó dì í ní yìnyín, ó jẹ́ kó yọ́, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti nọ́ọ̀sì, ó mi méjèèjì pọ̀. Nǹkan funfun inú méjèèjì silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ìgò bákan náà, kíákíá. Èyí tí òtútù kò bà jẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣe ni ó máa ń pẹ́ kó tó silẹ̀.

Yìnyín ti mú abẹ́rẹ́ wa. Ẹgbẹ̀ta ìgò ló bàjẹ́. Ọmọ mọ́kànlélógójì ló sì ti gba lára rẹ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì yẹn nìkan. Ó ní láti wá wọn lọ sílé kọ̀ọ̀kan kó tún wọn gún.

Gbogbo wa la máa ń bẹ̀rù ooru. Bí iná bá lọ, a ó sáré tan jẹnẹrétọ̀, a ó ti ilẹ̀kùn pa, ara wa kò ní balẹ̀. Òtútù, ta ló ń bẹ̀rù rẹ̀ nínú yàrá òtútù? Àṣìṣe wa nìyẹn.

Kúẹ́rì náà kò gùn. Ìbéèrè mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Èkíní: kí ló dé tí ìwé rẹ́jísítà wa fi ń sọ dígírì mẹ́rin àti márùn-ún, nígbà tí ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí pẹpẹ inú yàrá sọ pé òtútù lọ sábẹ́ òdo fún òwúrọ̀ mẹ́fà? Èkejì: a gbọ́ pé ẹnì kan yí bọ́tìnnì òtútù láìgba àṣẹ, ta ni? Ẹ̀kẹta: kí ló dé tí a kò fi ní bá ọ wí gẹ́gẹ́ bí òfin iṣẹ́ ti là á kalẹ̀? Wákàtí méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n fún mi láti dáhùn.

Ọ̀rọ̀ kan ni mo kà ní àkàtúnkà. “A gbọ́ pé.” Lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́?

Bọ́tìnnì náà, tí a fi ń yan bí yàrá yóò ṣe tutù tó, wà nínú àpótí irin kékeré lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Èmi àti igbákejì mi nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ọdún méjìlá la ti jọ ń ṣiṣẹ́. Adákẹ́ ni ìnagijẹ rẹ̀, nítorí ó lè lo odidi ọjọ́ kan láìsọ ju ẹ káàárọ̀ àti ó dàbọ̀ lọ. Òun ni yóò gba ipò mi bí mo bá lọ. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ yẹn, mo rí i tó jókòó sí ẹ̀yìn páálí, ó ń kọ nǹkan. Nígbà tí mo súnmọ́ ọn, ó fi ìgbọ̀nwọ́ bo ìwé náà. Mo bi í bóyá ó ti ka òtútù ọ̀sán. Ó ní ó ti kà á. N kò bi í ní nǹkan mìíràn. Ní ìrọ̀lẹ́, mo rí i tó ń jáde lọ́fíìsì ọ̀gá òṣìṣẹ́. Bó ṣe rí mi, ó gba ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọdún méjìlá, kò gba ọ̀nà ẹ̀yìn rí.

Mo délé. Mi ò jẹun. Ìyàwó mi wò mí, ó wo àpò mi, ó ní kí n mú un jáde. Ọgbọ̀n ọdún ló fi jẹ́ atẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan. Ó ka kúẹ́rì náà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i padà wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni gbé páànù tó tutù.

Mo fi ohun tí mo ti kọ hàn án. Ojú ìwé méjì ni. Mo ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, àti bí mo ṣe máa ń dé ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo kọ ọ́ pé àwọn kan wà tó ń fojú sọ́nà fún àga mi. Mo kọ orúkọ igbákejì mi. Mo kọ ọ́ pé òun náà ní kọ́kọ́rọ́, àti pé ìṣe rẹ̀ láti ìgbà tí kúẹ́rì ti dé fi hàn pé ó ní ohun tó ń fi pa mọ́. N kò kọ ọ́ pé òun ló yí bọ́tìnnì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á yóò gbà bẹ́ẹ̀.

Ìyàwó mi mú bírò pupa.

Ó ní, “Bàbá wọn, ṣé ẹ rí i tó yí i?”

Mo ní rárá.

Ó fa ìlà pa á rẹ́. Ó bi mí bóyá mo gbọ́ ohun tó lọ sọ fún ọ̀gá òṣìṣẹ́. Mo ní rárá. Ó tún fa ìlà. Mo sọ nípa “a gbọ́ pé” inú kúẹ́rì náà. Ó ní ó ti tẹ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju igba lọ, kò sì sí èyí tí kò ní “a gbọ́ pé” nínú, ìbáà ṣe pé ọ̀gá ló fi ojú ara rẹ̀ rí i. N kò gbà á gbọ́. Etí mi kò fẹ́ gba ohun tó máa tù ú.

Ìgbà tó parí, gbólóhùn mẹ́ta ló kù nínú ojú ìwé méjì. Ó ní kí n dáhùn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe bi mí. Ohun tí ojú mi rí, ohun tí ọwọ́ mi ṣe, ọjọ́ àti aago. Kí n má bẹ̀bẹ̀, kí n má bínú. Ó ní ìwé tó bá ń pariwo, ọ̀gá a máa kà á bí ìwé ẹni tó jẹ̀bi.

Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè, ó rọra bèèrè, kò sì gbé ojú sókè. “Ta ló yí bọ́tìnnì náà?”

Mo dá kúẹ́rì náà padà sínú àpò mi. Ó dìde, ó lọ pa ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dé.

Èmi ni mo yí i.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú èyí tí nọ́ọ̀sì dá páálí padà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ láti ìta wá pààrọ̀ aago òtútù tó wà lójú ilẹ̀kùn, èyí tó ń fi dígírì inú yàrá hàn. Láti ọjọ́ kejì, aago tuntun yẹn ń sọ mẹ́jọ ní ọ̀sán, ó ń sọ mẹ́sàn-án. Dígírì mẹ́jọ ni kò yẹ kó kọjá. Ní ọjọ́rú, mo ṣí àpótí, mo yí bọ́tìnnì láti márùn-ún sí méjì. Aago ojú ilẹ̀kùn bọ̀ sí márùn-ún. Ọkàn mi balẹ̀. N kò kọ ọ́ sílẹ̀, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ nínú wa. Láti ayé ọ̀gá tí mo bá níbẹ̀, ṣe la máa ń fọwọ́ tọ́ ọ díẹ̀, bí ìyá ṣe ń tọ́ iná ìdáná. Òfin ní ká pe apòògùn. A kì í pè é.

Bọ́tìnnì kì í kọ orúkọ ẹni tó yí i sílẹ̀. Bí mo bá ní n kò mọ̀, ta ni yóò ní mo mọ̀? Àyàfi igbákejì mi, bó bá rí mi. Mo rò ó bí mo ṣe dùbúlẹ̀. Ó lè ti rí mi. Ó lè ti sọ. Bó bá ti sọ tí mo bá sẹ́, mo gbé. Bí kò bá tíì sọ, èmi ni n óò wá fọwọ́ ara mi ṣe ara mi.

Ní ọjọ́rú, ọjọ́ kejì tí kúẹ́rì dé, mo dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Mo wọ inú yàrá òtútù, mo wá ibi tí okùn tí aago tuntun yẹn fi ń mọ bí inú yàrá ṣe tutù tó parí sí. Mo rí i. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni wọ́n so ó mọ́, kò ju ẹsẹ̀ bàtà méjì lọ. Àárín pẹpẹ ni ti àtijọ́ wà. Gbogbo ìgbà tí a bá ṣí ilẹ̀kùn ni ooru ìta ń fẹ́ lù ú. Àwọn abẹ́rẹ́ wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún, níwájú fáànù, wọ́n ń dì. Ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe àkọsílẹ̀ wà láàárín wọn. Òun a máa fi àmì hàn lójú rẹ̀ bí òtútù bá kọjá àlà. Àràárọ̀ la gbọ́dọ̀ máa wò ó. Ojú ilẹ̀kùn là ń wò, nítorí ibẹ̀ kò tutù.

Mo jókòó, mo kọ ìdáhùn mi. Ohun tí mo kọ nìyí.

“Mo gba ìwé yín ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún. Ìdáhùn mi nìyí.

Èkíní. Iye tó wà nínú rẹ́jísítà ni iye tí mo rí lójú aago ara ilẹ̀kùn. N kò wọ inú yàrá lọ wo ẹ̀rọ orí pẹpẹ ní ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Òfin ní kí n wò ó lójoojúmọ́. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ pààrọ̀ aago ara ilẹ̀kùn. Ṣáájú ìgbà náà, mẹ́rin sí márùn-ún ló ń sọ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn rẹ̀, ó sọ mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Mo wọ inú yàrá lónìí, mo rí i pé ẹsẹ̀ bàtà méjì sí ilẹ̀kùn ni wọ́n so okùn rẹ̀ mọ́. N kò mọ̀ bóyá ìwé iṣẹ́ wọn sọ ibi tó yẹ kó wà. Mo bẹ̀ yín kí ẹ wò ó.

Èkejì. Èmi ni mo yí bọ́tìnnì. Mo yí i láti márùn-ún sí méjì ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ náà, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀. N kò gba àṣẹ, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ̀kẹta. Ohun tí mo ṣe nìyí. Ìdájọ́ wà lọ́wọ́ yín.”

Mo tún un kọ kí ó di méjì. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, mo mú un lọ fún akọ̀wé ọ̀gá òṣìṣẹ́, ó fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tèmi, ó kọ aago sí i. Ó ní kí ló dé tí ìwé mi fi kúrú tó báyìí. Ó ní ti ẹnì kejì mi tí ó ti wọlé láti àná, ojú ìwé mẹ́ta ni. Mo ní ó dáa. Mo sọ̀kalẹ̀. Ojú ìwé mẹ́ta, lọ́wọ́ ẹni tí kì í sọ̀rọ̀. Kí ni Adákẹ́ rí sọ tó tó ojú ìwé mẹ́ta, bí kò ṣe tèmi?

Ọjọ́ márùn-ún la fi dúró. A ń gbé páálí, a ń ka ìgò. Bí mo bá wọlé, á jáde. Ó ti wá ń kọ aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo nǹkan nínú rẹ́jísítà, títí kan ìgbà tí mo lọ tọ̀. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́kọ́rọ́ mi sápò sókòtò dípò ara ìṣó. Ẹni tó bá rí wa yóò rò pé olè méjì la jẹ́ tí wọ́n tì mọ́ ilé kan.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n pe àwa méjèèjì pọ̀. Ọ̀gá àgbà jókòó sí àárín, ọ̀gá òṣìṣẹ́ lọ́tùn-ún, apòògùn lósì. Ìdáhùn méjèèjì wà níwájú wọn. Ọ̀gá àgbà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó tún un fi sójú.

Ó ní nǹkan kan kò yé òun. Ó ní lọ́dọọdún ni òun ń ka ìdáhùn kúẹ́rì, kò sì sí ẹni tó ń gbà pé òun jẹ̀bi. Lọ́tẹ̀ yìí, ènìyàn méjì gbà pé àwọn yí bọ́tìnnì kan náà. Ó ní kí la fi ń pa mọ́? Ta la jọ ń dáàbò bò?

Mo wo igbákejì mi. Ilẹ̀ ló ń wò.

Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ka apá kan nínú ojú ìwé mẹ́ta náà. Igbákejì mi ti kọ ọ́ pé òun ló yí bọ́tìnnì, ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ó bẹ̀ wọ́n. Ó ní àìmọ̀kan ni. Ó ka àwọn ọmọ rẹ̀ fún wọn láti orí àkọ́bí dórí àbíkẹ́yìn. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

Apòògùn kò tíì sọ̀rọ̀. Ó wá tẹ́ bébà gígùn kan sórí tábìlì, èyí tí ẹ̀rọ orí pẹpẹ tẹ̀ jáde. Ìlà kan ló wà lórí rẹ̀, ó ń lọ gbọọrọ. Ó fi ìka tọ́ ọ. Ní ọjọ́rú, lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán, ìlà náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kò sì padà sókè mọ́. Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ó ti wà lábẹ́ òdo ná. Ó ní ìwé Bàbá bá ìlà mu. Ó ní ti ẹnì kejì kò bá nǹkan kan mu.

Mo bèèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Mo ní lẹ́nu ta ni wọ́n ti gbọ́ pé ẹnì kan yí bọ́tìnnì.

Apòògùn ní kò sí ẹni tó sọ fún òun. Òun mú kọ́kọ́rọ́ Bàbá lára ìṣó, òun ṣí àpótí, òun bá a lórí méjì. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ nìyẹn, wọ́n bá a bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n ní ká jáde. A dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì kan náà, a fi àyè ẹnì kan sáàárín. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, wọ́n pè wá padà. Wọ́n fún mi ní ìwé ìkìlọ̀. Wọ́n mú mi kúrò ní yàrá òtútù. Ilé ìkóǹkansí tí wọ́n ń kó báńdéèjì àti ìbọ̀wọ́ sí ni n óò ti lo oṣù mẹ́rin tó kù. N óò fẹ̀yìntì bó ṣe yẹ. Wọ́n ní àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ yóò wá dáhùn tiwọn. Igbákejì mi gba kúẹ́rì mìíràn: kí ó ṣàlàyé ìdí tó fi kọ irọ́ sí àwọn aláṣẹ. Títí tí wọ́n yóò fi rí ìdáhùn rẹ̀, kò ní lè gba ipò mi.

A sọ̀kalẹ̀ pa pọ̀. Ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo dúró. Mo ní kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún mi. Mo ní n kò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. N kò rí irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

“Bàbá, ẹ má dúpẹ́. Kì í ṣe torí tiyín.” Ó ká kúẹ́rì tuntun náà sí mẹ́rin. “Mo rí yín bí ẹ ṣe ń wò mí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Mo mọ̀ pé orúkọ mi lẹ máa kọ. Ta ni wọ́n á gbà gbọ́, èmi àbí Bàbá Fíríìjì? Mo lọ bi ọ̀gá òṣìṣẹ́ léèrè, ó ní ẹni tó bá gbà tó sì bẹ̀, ìyà rẹ̀ máa fúyẹ́. Mo ní kí n kúkú gbà á kí ẹ tó tì í sí mi lọ́rùn.”

Mo wo kúẹ́rì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ ò kọ ọ́,” ó ní. “Èmi ni mo rò yín sí burúkú. Ẹ má bínú, sà.”

Mo lè jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dúró síbẹ̀. Ó ti bẹ̀ mí. Oṣù mẹ́rin péré ló kù tí a ó fi máa ríra.

Mo ní, “Mo kọ ọ́.”

Ó wò mí.

Mo ní orúkọ rẹ̀ wà nínú èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ìyàwó mi ló fa ìlà pa á rẹ́. Mo ní kò rò mí sí burúkú lásán.

Ó fi kúẹ́rì náà sí àpò àyà rẹ̀. Ó na ọwọ́, mo yọ kọ́kọ́rọ́ yàrá òtútù àti ti àpótí irin, mo kó méjèèjì lé e lọ́wọ́. Ó kà wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé méjì péré ni. Ó lọ wọ inú yàrá òtútù, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Mo gba ọ̀nà ilé ìkóǹkansí.